Àwòrán Mẹ́rin Tí Nọ́ọ̀sì Yà

Ọdún méjìdínlógún ni Nọ́ọ̀sì fi tọ́jú aláìsàn, kí àìsàn tó wá ká òun náà mọ́lé. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá òsì ojú rẹ̀ ò mì mọ́. Ara padà yá o, àmọ́ ẹnu ò tọ́ mọ́, iṣẹ́ sì ti bọ́. Ayé mà le o!

Ó fi àwòrán ara rẹ̀ àtijọ́, èyí tó yà ṣáájú àìsàn náà, sójú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi táwọn agbanisíṣẹ́ ti ń wá èèyàn. Ilé ìwòsàn kan pè é, ó sì lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wo fóònù, ó wo Nọ́ọ̀sì, ó tún wo fóònù. Ó ní, "A máa pè yín." Ta ló pè é? Nọ́ọ̀sì ò sọ fẹ́nì kankan.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó kó àwòrán mẹ́rin fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbani síṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, pé kó bá òun yan èyí tó máa wà lójú ìwé náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun mẹ́ta la máa wò: ṣé ojú yín á wu èèyàn sún mọ́, ṣé ìmọ́lẹ̀ dáa, ṣé ohun tó wà lẹ́yìn yín bójú mu. Ti àtijọ́ yìí ló gba ipò kìíní. Ẹ wo ẹ̀rín! Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sójú yín, ògiri lásán ló wà lẹ́yìn. Ti inú mọ́tò ṣe ìkejì: ojú yín dáa, àmọ́ oòrùn fi òjìji sábẹ́ ojú yín, bẹ́líìtì mọ́tò sì dábùú àyà. Ti wọ́ọ̀dù ṣe ìkẹta: iná wà lẹ́yìn yín, ojú yín wá ṣókùnkùn. Aláìsàn tún hàn lẹ́yìn, èèwọ̀ ni!"

"Èyí tí mo yà lánàá yẹn ńkọ́?"

"Ìkẹrin. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáa, ògiri rẹ̀ mọ́, àmọ́ kò ṣeé sún mọ́ rárá. Kí lẹ ń bínú sí?"

"Mo ń rẹ́rìn-ín ni."

Háà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò fọwọ́ bo ẹnu, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kí àwọn ya òmíràn láti apá ọ̀tún, ẹnu tí ò tọ́ yẹn ò ní hàn rárá.

"Á hàn tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó wá sọ ti ọ̀gá ilé ìwòsàn yẹn fún un. Inú rẹ̀ bàjẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. "Ti àná ni kóo fi síbẹ̀."

"Bí wọn ò bá wá pè yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá pè mí báyìí, ó ti rí mi."