Ohun Tí Mo Gbà Nínú Lẹ́tà Náà

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní n'Ísàn-Èkìtì, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kẹ́místì. Ìwé àṣẹ mi gbà mí láyè láti ta oògùn ẹ̀fọ́rí, ti ibà, ti ikọ́ ọmọdé àti ìpara. Kò gbà mí láyè láti ní oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún èèyàn, kò sì gbà mí láyè láti tọ́jú aláìsàn. Ara ògiri ni ìwé náà wà, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò mọ òfin, kí ó máa sọ tirẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìwé kíkà ní pírámárì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Tíṣà ni mo ń pè é títí tó fi darúgbó. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló sì ń gbà lójoojúmọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Èkó ló ń rà á ránṣẹ́, ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n bá ti ṣí lè wà níta fún bí oṣù kan bí ibẹ̀ kò bá gbóná jù, àmọ́ èyí tí wọn kò tíì ṣí, inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà. Abẹ́ páànù ni yàrá Tíṣà, iná ìjọba sì ń wá bí àlejò. Èmi ní sólà tí àbúrò mi tó wà lókè òkun rà fún mi, fíríìjì mi kì í kú. Ìsàlẹ̀ fíríìjì yẹn, lẹ́yìn àwọn ìgò mínírà, ni mo ń kó oògùn Tíṣà sí. Láàárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, mo máa ń lọ sí ilé rẹ̀ lọ gún un ní abẹ́rẹ́ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fún wa ní ìwé àṣẹ dé láìròtẹ́lẹ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Obìnrin náà ṣí fíríìjì, ó sì rí páálí ínsúlíìnì mẹ́rin. Ó ní kí ni mo ń fi ṣe. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ti bàbá kan ni. Mo kàn ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mo ń bá wọn fi pamọ́. Ọmọ Yorùbá lobìnrin náà, ó gbọ́ mi, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ sílẹ̀, nínú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mo sì ti di ẹni tó ń wo aláìsàn sàn. Wọ́n kó páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Nígbà tí kúẹ̀rì dé, ẹ̀sùn méjì ló wà nínú rẹ̀: pé wọ́n bá oògùn tí kò yẹ lọ́wọ́ mi, àti pé èmi fúnra mi jẹ́wọ́ pé mò ń tọ́jú aláìsàn. Kí n kọ̀wé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé e lọ bá lọ́yà kan n'Íkọ̀lé tí a jọ wà nínú ìjọ Áńgílíkà nígbà kan. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí wọ́n bi yín ni ẹ ó dáhùn, mà, ẹ kò ní fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e. Ti àkọ́kọ́, ẹ ó gbà á. Wọ́n bá a nínú fíríìjì yín, kì í ṣe ọjà, ẹ kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ti èkejì, ẹ kò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n ṣì túmọ̀."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mo máa ń gún wọn ní abẹ́rẹ́."

"Níbo?"

"Nílé wọn."

Ó tún awò wọ̀. "Nígbà náà, a ó kọ ọ́ pé a kò tọ́jú aláìsàn kankan nínú ilé ìtajà náà. Òótọ́ kọ́?"

Òótọ́ ni. Ojú tì mí bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Obìnrin tí mo rò pé ó ṣì mí gbọ́, òun gan-an ló bá òótọ́ pàdé, láìmọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mo máa buwọ́ lu ìwé pé ó ṣìnà.

Lọ́yà ní ó ku ohun kan. Ẹni tó ni oògùn gbọ́dọ̀ kọ ìwé tí a ó so mọ́ lẹ́tà náà, pé tòun ni, pé òun kò ní gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, pé òun ti ṣe ètò mìíràn. Ó ní kí n má sì tún gún un ní abẹ́rẹ́ mọ́, kí n má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí èsì yóò fi dé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá lọ gba ìwé yẹn ni kó jẹ́ àlọ ìkẹyìn.

Mo bá Tíṣà lórí àga rẹ̀ níwájú ilé. Mo ṣàlàyé, mo sì ń sunkún. Ó ní kí n dákẹ́, kí n mú bírò wá.

Ó béèrè pé, "Ètò mìíràn wo?"

Mo na bírò sí i. Ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ ṣì dúró dáadáa lórí ìlà. Ó tilẹ̀ gba ẹ̀dà lẹ́tà tèmi, ó fi kọ́mà méjì sí i níbi tí lọ́yà ti gbàgbé rẹ̀.

Ó ní, "Ùwé rẹ kò burú. Ìwọ náà kò burú. Máa lọ ulé."

Mo lọ ilé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ọmọ rẹ̀ fi oògùn mìíràn ránṣẹ́ láti Èkó. Mo gbọ́ pé inú ìkòkò omi ni Tíṣà ń kó o sí, ó fi aṣọ tútù bò ó. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Páànù yàrá yẹn gbóná débi pé ìkòkò náà kò lè ràn án lọ́wọ́. Oògùn náà bàjẹ́ láìyí àwọ̀ padà, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Egbò yọ sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń kọjá ní òpópónà kejì kí n má baà rí ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn n'Ídó, ẹsẹ̀ ti dúdú dé orúnkún. Kò padà wálé láàyè.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni èsì àjọ náà dé. Wọ́n ní àwọn gba àlàyé mi, pé ìkìlọ̀ nìkan ni àwọn fún mi, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Wọ́n ní ìwé tí ẹni tó ni oògùn kọ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn.

Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Mò ń wá ibi tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan sí i, ohunkóhun tí mo lè dáhùn láìfi nǹkan pamọ́. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.