Ìkíni Abdulmuiz Nínú Ojú Dúdú

Abdulmuiz ló sọ irinṣẹ́ náà ní Àbúrò, nítorí pé òun ni àbíkẹ́yìn ilé wọn, kò sì ní ẹni tó lè máa rán níṣẹ́.

"Èmi náà ti ní àbúrò báyìí," ó sọ fún Jameelah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́jọ́ tí irinṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. "Ẹ pè é, Àǹtí mi. Ẹ wò ó bóyá kò ní dáhùn."

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Yaba ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì àti Mobọ́lájí, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Jameelah láti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láràárọ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé bàbá wọn ní Mushin dé Ojúẹlẹ́gba, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ mìíràn.

Iṣẹ́ Àbúrò ni láti bá àwọn tó ń kọ kóòdù tún kóòdù wọn ṣe. Nígbà náà, ojú dúdú nìkan ni wọ́n ti ń pè é, ìyẹn fèrèsé dúdú orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń tẹ àṣẹ sí. Èèyàn á tẹ ohun tó fẹ́, Àbúrò á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ńlá kan lókè òkun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọ́ni tí Abdulmuiz kọ nípa bó ṣe yẹ kó dáhùn, èsì á sì padà wá. Abdulmuiz kò fẹ́ kí èsì náà jẹ́ kóòdù lásán. Ó ní ẹni tó wà lójú dúdú kì í rí inú fáìlì, nítorí náà kí Àbúrò sọ orúkọ fáìlì fún un, kó fi àmì ìyọkúrò síwájú ìlà tó ń lọ, kó fi àmì ìròpọ̀ síwájú ìlà tó ń bọ̀. Dífù ni wọ́n ń pè é. Ẹni náà á kà á, bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, fi sínú fáìlì.

Ṣùgbọ́n kí dífù tó dé, Àbúrò gbọ́dọ̀ kí èèyàn. Jameelah ni Abdulmuiz ní lọ́kàn nígbà tó kọ ìyẹn, torí tí Jameelah bá jókòó ti iṣẹ́, kì í rántí ẹnu ara rẹ̀. Ìkíni náà lọ báyìí: *Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti mu omi? Iṣẹ́ ò ní sá lọ.*

"Ẹ̀rọ wo ló ń bi èèyàn bóyá ó ti mu omi?" Mobọ́lájí bi í.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, Ẹ̀gbọ́n."

Láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ SS ti ń fìyà jẹ Abdulmuiz. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n gbé e dé ọsibítù bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣeré, ó ní kí Jameelah má gbàgbé ṣájà òun. Kò bá wọn padà wálé. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọjọ́ tí Jameelah padà sí ibi iṣẹ́, ó ṣí ojú dúdú, ó ní kí Àbúrò tún orúkọ kan tó ṣì kọ ṣe. Èsì dé. *Ṣé ẹ ti mu omi?* Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mobọ́lájí rí i, ó dìde, ó lọ dúró ní bákónì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Dennis, ọ̀gá àwọn tó ń kọ kóòdù ní ilé iṣẹ́ kan ní Surulere, ní òun fẹ́ Àbúrò nínú ẹ́dítọ̀, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ti ń kọ kóòdù gan-an. Kí wọ́n sàmì sí ìlà díẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí Àbúrò yí i padà níbẹ̀. Wọ́n ṣe é fún un. Wọn kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìtọ́ni. Bó ṣe wà ni wọ́n ṣe gbé e lọ.

Dennis ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní kí Christabel, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, sàmì sí ìlà márùn-ún tó ń ka iye oògùn tó kù ní ilé ìpòògùn. Ojú gbogbo wọn ni ìlà márùn-ún náà ti pòórá, tí ìkíni jókòó sí ipò wọn nínú fáìlì, orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn àmì ìyọkúrò àti ìròpọ̀ tò lọ. Kò sí èyí tí ètò náà lè ṣe nínú wọn. Ó kú síbẹ̀.

"Àǹtí, ó ní ṣé mo ti mu omi," Christabel ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti mu ún o. Kóòdù mi ló fún lọ́rùn."

Dennis kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wa tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa wá nǹkan mìíràn lò."

Nínú ọkọ̀, Mobọ́lájí ní, "A máa yọ ìkíni yẹn ni. Ìlà kan ṣoṣo ni."

"Mo mọ iye ìlà tó jẹ́."

"Jameelah."

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n."

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ìkíni náà pamọ́ sábẹ́ àmì àlàyé, èyí tí ètò máa ń fò. Lọ́jọ́ kejì, Dennis kọ̀wé pé fáìlì ìṣètò àwọn kì í gba àlàyé rárá, pé ó ti tún bàjẹ́. "Àwọn fáìlì tó gbà á náà," ó fi kún un, "ìkíni ti kún inú wọn bí ilé ìkómọ."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Jameelah gbé ohun tí ibi méjèèjì ń fi ránṣẹ́ sí Àbúrò kalẹ̀, ó ń wò wọ́n. Láti inú ẹ́dítọ̀, àwọn ìlà tí wọ́n sàmì sí ló ń wá, pẹ̀lú kóòdù tó wà lókè àti nísàlẹ̀ wọn. Láti ojú dúdú, orúkọ fódà ló ń wá, àti àṣẹ tí èèyàn tẹ̀ kẹ́yìn, àti àṣìṣe tó bá jáde.

"Mobọ́lájí, ṣé o rí i? Nínú ẹ́dítọ̀, kò sí ẹni tó ń ka èsì kó tó wọ fáìlì. Ohun tó bá sọ ni fáìlì. Lójú dúdú, èèyàn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Nítorí náà?"

"Kó máa wo ibi tó wà kó tó sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́dítọ̀, àwọn ìlà tuntun nìkan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Kò sí àmì, kò sí àlàyé. Tó bá jẹ́ ojú dúdú, dífù."

"Pẹ̀lú ìkíni? Ṣé Git ò ní kọ̀ ọ́?"

Jameelah gbé èsì kan fún Git tòun ti ìkíni lórí. Git fo ìkíni náà títí ó fi kan orí dífù, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Abdulmuiz ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti wò ó dáadáa kó tó fi ìkíni síbẹ̀. Jameelah yọ ìkíni kúrò nínú ẹ́dítọ̀, ó fi í sílẹ̀ lójú dúdú.

Ọjọ́ Ẹtì, Christabel kọ̀wé: "Ó ti dára, Àǹtí. Kò sọ nǹkan kan mọ́." Jameelah ka gbólóhùn kejì yẹn léraléra.

Ẹ́dítọ̀ ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí. Mobọ́lájí wò ó lóṣù tó kọjá, ó ní ó ku ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń pe Àbúrò láti ojú dúdú. Kò dárúkọ ẹni náà.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Jameelah máa ń ní kí Àbúrò tún nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe. Ìkíni á dé. Kì í gbé dífù náà fún Git. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìdáhùn sábẹ́ ìkíni náà láì kọ́kọ́ pe Àbúrò, *Mi ò tíì mu ún*, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìránṣẹ́. Ojú dúdú náà, tó máa ń ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí àṣẹ, dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun kò mọ àṣẹ kankan tó ń jẹ́ Mi.