Ṣíbí tí Bàbá Aránṣọ Gbà Lọ́wọ́ Mi

Èmi àti bàbá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Sabon Gari kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, àjákù aṣọ wọn á bọ́ sínú ẹ̀wà mi, èmi náà á sì fi Yorùbá bú wọn dáadáa. Hausa ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn kì í fèsì, èyí gan-an ló sì máa ń bí mi nínú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé-ìwé aládàáni kan ní Hanwa, já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán, ó sì yà sọ́dọ̀ mi kó jẹun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bu oúnjẹ fún un ni mo gbọ́ gbì. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nílẹ̀, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, irú rẹ̀ kò sì ṣe é rí.

Mo dijú, mo pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo mú ṣíbí, mo fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà gé ahọ́n jẹ. Àwọn ará ọjà ti dé. Ẹnìkan ní ká fi àlùbọ́sà sí i nímú, ẹlòmíràn jókòó lé e lẹ́sẹ̀, àwọn tó kù sì sá sẹ́yìn pé ìfófòó náà a máa ran èèyàn.

“A'a, Mama, ki bari,” ni bàbá aránṣọ wí, pé kí n fi í sílẹ̀, wọ́n sì gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ sọ mí di opó ni.  Wọ́n lé ẹni tó jókòó lé e lẹ́sẹ̀ dìde, wọ́n gbé mudu onírin tí mo fi ń wọn ẹ̀wà kúrò nítòsí orí rẹ̀, wọ́n ká aṣọ oníbàárà tí wọ́n ń rán lọ́wọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Mo pè wọ́n ní aláìláàánú nínú ọkàn mi. Wọ́n ní kí àwọn ará ọjà dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, pé bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún gbé e kó tó jí, a ò ní dúró mọ́, ilé ìwòsàn la máa gbé e lọ.

Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Bàbá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ sì ṣàn jáde. Nígbà tó lajú, kò dá mi mọ̀. Mo bu omi wá, bàbá ní kò tíì tó àkókò, kó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n bá wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà, ọmọbìnrin Yorùbá kan, bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ló ń ṣe kó tó ṣubú? Apá wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n? Ojú rẹ̀ là àbí ó pa dé? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó? Èmi ìyàwó rẹ̀, n kò mọ ìkankan. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn mi, torí iṣẹ́ náà là ń jẹ.

“Òòyì lásán ló kọ́ ọ, dókítà,” ni mo wí.

“Ẹ má bínú, Mama, kì í ṣe òòyì.” Bàbá ló sọ̀rọ̀, Yorùbá wọn sì já gaara. Gbogbo èébú mi láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n gbọ́ ọ yékéyéké! Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Wọ́n ṣàlàyé pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ̀n, orí rẹ̀ yí sí ọ̀tún, kó tó di pé ó ṣubú tí gbogbo ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Ó tọ̀ sára. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dá wa mọ̀. Dókítà ń kọ ọ́ kíákíá. Ó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ti gé e jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó bi í bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ó mu ọtí tàbí lo tramadol, bóyá ó ti forí gbá nǹkan rí, bóyá irú rẹ̀ wà nínú ẹbí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì sọ ọ́ di oníwárápá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ títí àwọn yóò fi mọ ohun tó fà á.

Mo bi bàbá níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń bá wọn ránṣọ nígbà kan ṣubú báyìí, àwọn fi ṣíbí ya á lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì sì kán. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ló la àwọn lóye. Wọn ò fi bò fún mi, wọn ò sì ṣe fọ́ńté. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún wọn tọkàntọkàn.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé nírọ̀lẹ́, ká padà wá gba èsì àwòrán náà, mo sọ fún ọkọ mi nínú kẹ̀kẹ́ pé kó sọ fún ilé-ìwé pé ibà ni, kó sinmi díẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó yíjú sí mi. “Lẹ́yìn tí mo já àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, ó tó ìgbà wo kí n tó ṣubú?”

Mo ṣírò rẹ̀. Kò tó ìdajì wákàtí. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló ń kó láràárọ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lágbára, kò lè tẹ fóònù dáadáa. Mo ní kó má dárúkọ ibà mọ́, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà ọ̀gá ilé-ìwé náà, mo sì gbé e sí i létí.