Ìlérí Inú Ìwé Àwọn Eléré

Ọdún méjìlélógún ni Kóòṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré sísá, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, òun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì tó kọjú sí pápá, tó ń tún ojú ewé tó dá lórí omi àti oúnjẹ kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn eléré. Nọ́ọ̀sì iléèwé ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn àtijọ́ kan: "Ẹni tó bá mu omi dáadáa kò ní dákú."

"Màámi, àwa kọ́ ló yẹ ká ṣe irú ìlérí yìí," ni nọ́ọ̀sì náà ti sọ fún un láàárọ̀. "Ohun tí wọ́n máa ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ kọ."

Kóòṣì kùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan gba gbólóhùn yẹn gbọ́. Ó mu omi, orí ń yí i, ó ṣì ń sáré lọ. Ó ṣubú, kò dìde mọ́.

Kóòṣì pa gbólóhùn náà rẹ́, ó wá kọ ọ́ pé kí wọ́n mu omi ṣáájú eré, láàrin eré àti lẹ́yìn eré, kí wọ́n sì jẹun ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ìgbà yẹn ló gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ tó ń yí pápá po. Ó yọjú lójú fèrèsé. Pápá dá páropáro.

Ó tún kọ ọ́ pé: "Bí orí bá ń yí ọ, dúró. Sọ fún wa. Ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí ọ."

Ìró ẹsẹ̀ náà yà kúrò ní pápá, ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Ẹnìkan ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kóòṣì kò bojú wẹ̀yìn. Ó na ìgò omi rẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ tútù kan sì gbà á.