Ohun Tí Ẹ̀rọ Láàbù Ò Lè Rí

Ó ti sú mi kí n tó ṣí fáìlì náà. Èmi ni wọ́n máa ń da ìdọ̀tí sí lọ́rùn nínú ẹgbẹ́ kékeré tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tó ń yẹ omi kànga wò ní Mowé, Ìbafò àti Ifọ̀. Àwọn kan á lọ bu omi wá, láàbù á yẹ̀ ẹ́ wò, èmi á wá jókòó sínú yàrá mi ní Mowé, kí n máa tún ohun tí gbogbo wọn kọ ṣe kí kọ̀ǹpútà tó lè fi ṣe ìṣirò. Ọkọ mi máa ń sọ pé iṣẹ́ mi ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti gé òkúta jẹ rí nínú ẹ̀wà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ wo òpó inú fáìlì náà tí wọ́n ti kọ ìdá àwọn ilé tó ń mu omi kànga kọ̀ọ̀kan ládùúgbò. Ẹnìkan kọ 60%. Ẹlòmíì kọ 60 lásán. Ẹnìkẹta kọ 0.6. Ẹnìkan tún fi àyè sílẹ̀ láàárín nọ́ńbà àti àmì, kọ̀ǹpútà wá ka tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò kà á sí nọ́ńbà rárá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ o! Bí mo bá kàn yọ àmì ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn dànù, 60 àti 0.6 á jókòó ti ara wọn bíi pé ọ̀kan fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju èkejì lọ. Mo pe ẹni tó kọ 0.6, ó fi dá mi lójú pé ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lòun ní lọ́kàn. Mo wá fi ọgọ́rùn-ún pín àwọn tó kù, mo fi tiẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni òpó tó ń sọ bí kànga ṣe jìn tó. Àwọn èèyàn wa kì í wọn kànga dópin, wọ́n á ní "ó tó mítà mẹ́wàá sí méjìlá," ẹni tó ń kọ ọ́ á sì kọ 10-12. Kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ni. Mo pariwo lóhùn rara, "Kànga wo ló jìn tó oṣù Kejìlá?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín láti pálọ̀. Ṣé ẹ rí i, téèyàn bá ní kí ẹ̀rọ sọ ọjọ́ yẹn di nọ́ńbà padà, nọ́ńbà ńlá kan tí kò bá kànga tan rárá ló máa gbé jáde. Mo ní láti padà sí fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, kí n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí òpó méjì, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, òkè lọ́tọ̀, kí n sì fi àárín wọn sí òpó kẹta. Ojú ń ta mí. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ń rọ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo dé òpó òjé. Òjé tó máa ń wà nínú bátìrì ọkọ̀, tó bá wọnú omi, ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù, torí ọpọlọ wọn ló ń bá jà. Òté tí ìjọba fi lélẹ̀, ìyẹn iye tí òjé ò gbọdọ̀ kọjá, ni 0.01 mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Kànga kan ní Ifọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú 0.05, a sì ti kọ ọ́ pupa pé kí wọ́n tì í pa. Mo ṣáà wò ó pé kí ló dé tí nọ́ńbà yìí fi gún régé báyìí? Mo wo ohun tí láàbù fúnra wọn kọ. Wọn ò kọ 0.05. Ohun tí wọ́n kọ ni <0.05, ìyẹn ni pé ó kéré sí i.

Háà. Ẹni tó ṣe fáìlì náà ṣáájú mi ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé ní òpó òjé yìí, ohun gbogbo tí kì í bá ṣe nọ́ńbà tàbí àmì tóótó àárín nọ́ńbà, bíi ti 0.6, kó máa gé e dànù. Ó fẹ́ gé ìdọ̀tí, ó gé àmì "kéré sí" mọ́ ọn. Àwọn kànga tó kù kò fara gbá nínú rẹ̀, torí láàbù mìíràn ló yẹ tiwọn wò, ẹ̀rọ ibẹ̀ lè rí òjé títí dé 0.001. Ọjọ́ tí omi Ifọ̀ dé ni ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sí láàbù kejì tí ojú ẹ̀rọ tiwọn ò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti kéré sí 0.05, kò lè rí i mọ́. Ohun tí láàbù ń sọ ni pé, "Bí òjé bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó èyí tí a lè rí."

Mo pe ọ̀gá mi, mo ṣàlàyé fún un.

"Ọlọ́run ṣeun," ló kọ́kọ́ sọ. "Alága ẹgbẹ́ onílé ti lọ bá ìyá tó ni kànga yẹn pé àwọn máa ti kànga rẹ̀ pa. Ṣé o mọ̀ pé opó ni? Omi yẹn ló ń tà jẹun. Ó yá, kọ òdo síbẹ̀."

"Ọ̀gá, láàbù ò sọ pé òdo ni."

"Wọn ò rí nǹkan kan, kí nìyẹn ń jẹ́?"

"Wọn ò rí i torí ojú ẹ̀rọ wọn ò dé ibẹ̀, sà. Ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ 0.04. 0.04 ju òté lọ dáadáa."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìdajì ńkọ́? Ṣebí ìdajì la máa ń kọ níbi iṣẹ́ mi àtijọ́."

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdajì 0.05 jẹ́ 0.025, ìyẹn náà ti ju òté lọ. Bí mo bá fi 0.05 sílẹ̀, wọ́n á ti kànga pa. Bí mo bá kọ ìdajì, wọ́n á tì í pa. Bí mo bá kọ òdo, wọ́n á ní kó máa tà á lọ. Omi kan náà o, tí ẹnì kan ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀! Ẹ̀rù bà mí pé ìka mi tó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí ló fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn.

"Kí lo wá fẹ́ ká kọ?"

"Pé a ò mọ̀, sà."

"‘A ò mọ̀’ kì í ṣe nọ́ńbà."

Mo sọ fún un pé mo ti ya òpó méjì sọ́tọ̀. Nínú ọ̀kan, 0.05. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ pé "kéré sí", kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀kan láì ka èkejì. Òpó ìdájọ́, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀rọ láàbù àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́ padà, mo ní kí a tún bu omi yẹn lọ síbẹ̀. Ó kùn títí, ó ní mo fẹ́ràn wàhálà, àmọ́ ó gbà. Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, kí n lọ bu omi náà fúnra mi. Ẹni tó ní òun mọ ọ̀nà ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́.

Láti Mowé dé Ifọ̀, ara mi gbó bí aṣọ àlòkù. Ìyá náà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá pọn omi. Ará Ọ̀ṣun ni, ohùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga náà kó tó kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń wọ́ sílípáàsì tó tóbi jù ú lọ káàkiri àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá, mo sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un.

"Ṣé kò tíì sí ìdájọ́?"

"Kò tíì sí, màámi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún báyìí ná."

"Alága sọ fún mi pé ọ̀gá yín ní kí o kọ òdo, o ní o ò kọ." Ó wò mí, kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ọmọ mi, òdo ò ṣòro láti kọ. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, màámi." Ojú tì mí bí ẹni tó jalè. Mo jẹ́ kí omi dà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga náà, mo bu ú sínú ìgò tí láàbù ti kán ásíìdì sí kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ìgò, mo dé e pinpin. Bí mo ṣe ń jáde, mo béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó ní àwọn kan máa ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó lọ.

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi dúró de èsì, mo ń gbàdúrà pé kó kéré. Kì í ṣe torí pé mo jẹ́ èèyàn rere. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rí ojú ìyá yẹn lọ́kàn mi ni. Nígbà tó dé, kò sí àmì kankan níwájú rẹ̀. 0.031. Nọ́ńbà gidi, tó fi ìlọ́po mẹ́ta ju òté lọ.

N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Mo tún padà lọ sí Ifọ̀. Ìyá gbọ́ ọ. Ó dìde, ó mú àgádágodo, ó fi ti ẹnu ẹ̀rọ omi náà pa fúnra rẹ̀ kí alága tó rán ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ wa máa bá a wá omi mìíràn, èmi fúnra mi ò mọ bí ìyẹn ṣe máa rí. Kò dà bí ẹni tó ń gbọ́ mi. Ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ lojú rẹ̀ wà.

"Kò mu omi mìíràn rí láyé rẹ̀," ló sọ. "Látìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú." Ó fà á mọ́ra, ó fọwọ́ bò ó lórí. "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n lè wọn ti inú ẹ̀jẹ̀ náà?"

Mo ní wọ́n lè wọ̀n ọ́n.

"Ibi tí ẹ̀rọ wọn ti ríran dáadáa ni kí ẹ mú wa lọ o," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà fún ọmọ.