Ìlú Bọ̀dá Mi Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ Tuntun

Onígbàjámọ̀ ni bọ̀dá mi. Èmi ni mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Bí kò bá ti sí oníbàárà lórí àga, iwájú tẹlifíṣọ̀n lẹ ó ti bá a, pádì lọ́wọ́, tó ń kọ́ ìlú kan nínú géèmù. Òun àti Tíńtín, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìlú náà nígbà tí ọmọ ṣì ń lọ sílé ìwé. Nígbà tó yá, Tíńtín ní òun ò ní fá irun ẹnikẹ́ni, ó kó lọ síbi tó ti rí iṣẹ́. Bàbá bínú, ọmọ náà bínú, kò sí èyí tó tún pe èkejì mọ́. Ìlú yẹn nìkan ló kù fún bọ̀dá mi, ojoojúmọ́ ló sì ń fi nǹkan kún un.

Ní àárọ̀ tó ra ẹ̀rọ géèmù tuntun, ó ti fẹ́ ta ti àtijọ́ fún oníbúrẹ́dì òdìkejì títì. Oníbúrẹ́dì ti dé pẹ̀lú àpò. Ó ní kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó gbé e.

Ẹ wá wo wàhálà. Bọ̀dá mi kọ́kọ́ fẹ́ ti síìdì géèmù rẹ̀ mìíràn bọ ẹ̀rọ tuntun. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ojú ihò kankan. Irú èyí tí kì í gba síìdì ló rà! Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, ṣebí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ra géèmù ìlú yẹn. Ó ṣí àkáǹtì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó wá géèmù náà, wọ́n sì kọ iye owó síwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò rà á rí.

"Ṣé wọ́n ya wèrè ni? Mo ti rà á!"

A so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n kó ẹrù fún ara wọn. Ẹ̀rọ tuntun kọ ọ́ síwájú wa pé àkáǹtì kan náà gbọ́dọ̀ wà lórí àwọn méjèèjì. Orí mi dàrú. Àkáǹtì wo? Ẹnì kan náà kọ́ ló ń lò wọ́n ni?

"Ọ̀gá, ṣé kí n máa nù ún?" Oníbúrẹ́dì ti na ọwọ́.

"Tó o bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ la máa jọ wọ ṣòkòtò kan náà!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀.

Mo wo orí ẹ̀rọ àtijọ́ dáadáa. Orúkọ Tíńtín ló wà níbẹ̀. Òun ló ṣí àkáǹtì náà nígbà yẹn. Látìgbà náà, bàbá rẹ̀ kàn ń tẹ orúkọ àkọ́kọ́ tó bá rí. Géèmù tó rà, ìlú tó kọ́, abẹ́ orúkọ ọmọ ni gbogbo rẹ̀ wà.

"Ẹ pè é, Bọ̀dá."

"N ò pe ẹnikẹ́ni." Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà" sí lábẹ́ orúkọ Tíńtín.

Kò pẹ́ ni fóònù tèmi dún. "Àǹtí, ẹ gbà mí! Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ẹnì kan fẹ́ wọ àkáǹtì mi. Olè ni!"

"Bàbá ẹ ni olè náà," ni mo wí. Mo gbé fóònù sí bọ̀dá mi létí kó tó rí ọ̀nà sá.

Ó húkọ́. "Ìlú yẹn ni mo fẹ́ kó. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti sọnù."

"Kò sọnù, Dádì. Mò ń sanwó ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wà lórí ẹ̀rọ tèmi náà níbí."

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe mí bíi kí n pè yín, tí mi ò lè pè, mo máa ń ṣí i wo ohun tẹ́ ẹ kọ́. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n má bàa ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ kọ orúkọ mi sórí ẹ̀rọ tuntun yẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á fún yín."

Ó ka nọ́ńbà náà. Bọ̀dá mi tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í. Ó ní kó tún un kà. Ó tún ṣì í, nítorí omijé ti kún ojú rẹ̀, kò sì rí bọ́tìnì mọ́.