Òórùn tí Bàrákátù ń wá fún ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ

Èmi Àfúsá, tí mò ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Ìtòkú, mo ti ń jókòó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Bàrákátù láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀ tí n kò rí. Kò sì sí ẹni tó fi ọwọ́ bo imú jáde níbẹ̀ tí n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àdìrẹ ni Bàrákátù ń tà. Ìyá rẹ̀, Alàájà Bùsírátù, ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ará Igbein ni wọ́n, nílé wọn, ohun tó bá jẹ́ ti ẹbí, àgbà ló ń pàṣẹ lé e lórí. Àgbà náà ni Alàájì Sàlàhúdíìnì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Alàájì ti sọ ọ́ ketekete pé bí ọjà kò bá yá kó tó di Iléyá, òun á gba ṣọ́ọ̀bù náà fún Akóredé, ọmọ òun tó ń ta fóònù.

Ọjà ò sì yá. Aṣọ Bàrákátù dára, ẹnu rẹ̀ dùn, síbẹ̀ bí oníbàárà bá wọlé, kí ó tó tú aṣọ kejì wò, ó ti jáde. Ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù náà ló ti ń rẹ aṣọ, kọ́sítíìkì àti háídírò, kẹ́míkà àwọn aláró, ló sì fi ń po aró rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbóòórùn háídírò rí mọ̀ pé ẹyin tó ti bàjẹ́ sàn jù ú lọ. Bàrákátù kò gbọ́ ọ rárá, nítorí inú rẹ̀ ló ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rùn, abíyá ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbóòórùn, ó ní irọ́ ni mò ń pa.

Nígbà tó yá, ó rí i lórí fóònù pé àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá máa ń fi òórùn dídùn dá oníbàárà dúró. Ó ra ẹ̀rọ kékeré kan, èyí tí wọ́n ń da omi àti òróró olóòórùn sí, tó ń tu ìkúùkù jáde lẹ́nu. Òórùn wo ló yàn? Fáńílà. Kí nìdí? Nítorí pé òun fẹ́ràn kéèkì.

Lọ́jọ́ náà gan-an, obìnrin kan yọjú, ó béèrè bóyá wọ́n ń gba iṣẹ́ kéèkì ìgbéyàwó. Háídírò kò sì kúrò níbì kankan, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbénú ilé, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ kéèkì nínú ṣáláńgá. Bí imú Bàrákátù bá ti mọ́ ọn lára, á ní òórùn náà ti tán, á tún kán òmíràn sí i. Aṣọ òwú kì í kọ òórùn, ó ń mu ún ni. Oníbàárà kan dá bùbá padà, ó ní ọkọ òun ní ṣé inú ọ̀rá búrẹ́dì lòun ń sùn.

“Àǹtí Àfúsá, kí ni n bá tún fi sí i?”

“Gbé ìkòkò aró ẹ kúrò lẹ́yìn ilé ná,” mo ní. “Ta ló ń fi lọ́fínńdà bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀?”

Ó bínú, kò kí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó gbé aró náà lọ sí agbo ilé àwọn aláró, ó ń ṣan aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó ń sá a sóòrùn kó tó kó o wọlé, ó sì ṣí fèrèsé tó ti wà ní títì láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé wá mọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí, àmọ́ aráyé kì í gbọ́.

Ó lọ bá Usamah tó ń ta òróró olóòórùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ṣí ìgò kan, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òórùn ilé àwọn nìyí, pé ọkàn òun rọ̀ bí òun ṣe gbọ́ ọ. Ó da á sínú ẹ̀rọ, ó tún kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, n kò kàn rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà tó máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin ládùúgbò wa ló wá ra ìró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró.

“Ìnnà lílláhì,” ó ní. “Ta ló kú?”

Mo wá rántí. Òróró yẹn àti káńfọ̀, òun ni wọ́n fi sí aṣọ funfun tí wọ́n fi di Alàájà Bùsírátù. Òórùn òkú ìyá ẹ̀ lọmọ gbé wá fi pe oníbàárà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, ìgbà tí mo rí ojú Bàrákátù ni mo ṣíwọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìtòkú ti gbọ́.

Ìyẹn ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó kán oríṣiríṣi òróró sí òwú, ó ń gbé e sí àwọn oníbàárà nímú. Kò bi wọ́n pé èwo ló dùn, ó ní èwo ló bá aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mu. Ewé tíì ni ọ̀pọ̀ wọn mú. Ó gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu ọ̀nà, jìnnà sí aṣọ, ó kán ìwọ̀nba sí i, á tàn án díẹ̀, á pa á. Bí kò bá dá imú rẹ̀ lójú, á pè mí. Àwọn ènìyàn wá ń dúró, wọ́n ń tú aṣọ, wọ́n ń rà á. Òórùn kọ́ ló ń ta ọjà, kò kàn lé wọn jáde mọ́ ni.

Ṣé ìyẹn wá tẹ́ Alàájì lọ́rùn? Rárá o. Akóredé ní ibi tó ń rọ́wọ́ mú báyìí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti máa ta fóònù. Alàájì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bàrákátù ti fèrèsé, ó tún gbé ìgò Usamah àti káńfọ̀ jáde.

“Oníbàárà ní òórùn tiwọn,” ó ní, “ẹbí náà ní tiwọn.”

Alàájì bẹ̀rù ikú ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, bó bá rí pósí, títì kejì ló ń gbà. Inú mi ń dùn. Mo fi ọjà mi sílẹ̀, mo wá jókòó kí n lè wò ó dáadáa.

Wọ́n wọlé. Akóredé mú téèpù lọ́wọ́ láti wọn ògiri, ó sì fi ọwọ́ kejì bo imú. Alàájì dúró sí àárín ilé. Kò sá. Ó rọra jókòó sórí àpótí, ó fa etí aṣọ kan sí imú, ó gbé e síbẹ̀ pẹ́.

“Bùsírátù,” ó ní.

Akóredé ti na téèpù mọ́ ògiri.

“Èmi ni mo ra òróró yìí fún àwọn tó wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó kú,” Alàájì ní. “Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ ọmọ òun. Mo ní mo gbọ́. Akóredé, ká téèpù ẹ. Lọ wá ṣọ́ọ̀bù sí Pańṣẹ́kẹ́.”

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo yíjú sí Bàrákátù kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló wà, ó di ìgò náà mú, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún.

“Àǹtí, ìyá mi ni mo fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n,” ó ní.

N kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá a ṣì ń tajà. Bàrákátù fi etí ìró nu ojú, ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró níta díẹ̀,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n ṣí fèrèsé.”